Ìlà Kan fún Iṣẹ́ Mẹ́ta: Ìlẹ̀kùn, Ìkọmànà Pupa àti Ìmìtìtì Ojú Ìwòran nínú Eré Dánfó Orí Kọ̀ǹpútà

1.0 Ìfáárà

Ohun tí bébà yìí dá lé lórí ni ọ̀nà tí a lè gbà fi ìlà ìrìn kan ṣoṣo, tí a tọ́jú sínú fáìlì kan ṣoṣo, darí ohun mẹ́ta tí ó wọ́pọ̀ nínú eré orí kọ̀ǹpútà. Èkíní ni ìlẹ̀kùn tí ó ń ṣí. Èkejì ni àwọ̀ pupa tí ó ń kọ mànà lójú ẹ̀rọ nígbà tí ìpalára bá dé bá ẹni tí ó ń ṣeré. Ẹ̀kẹta ni gbogbo ojú ìwòran tí ó ń mì tìtì nígbà tí nǹkan bá forí sọ nǹkan. Èrò wa ni pé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè jọ lo ìlà kan náà láìsí ìdàrúdàpọ̀, bí a bá ya ìrísí ìlà náà sọ́tọ̀ kúrò lára àkókò àti agbára, tí a kò sì gbàgbé pé ìlẹ̀kùn ń ka ìlà náà bí ó ti rí, nígbà tí àwọn méjì yòókù ń kà á ní òdì.

Àpẹẹrẹ tí a ó máa tẹ̀ lé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ni eré kékeré kan tí a gbé ka ojú títì márosẹ̀ Èkó sí Àgbádárìgì. Ẹni tí ó ń ṣeré ni awakọ̀ dánfó. Ó gbéra láti Máìlì 2, ó gba Ọ̀jọ́ kọjá, ó dé Ìyànà Ìbà, ó kọjá ní ẹnu ọ̀nà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó tí a dá sílẹ̀ ní 1983, ó sì parí ìrìn rẹ̀ sí Òkókómáíkò. Gbogbo ẹni tí ó bá ti wọ ọkọ̀ ní ojú ọ̀nà yìí yóò rí i pé ohun mẹ́ta tí a dárúkọ kò jìnnà sí ìrírí rẹ̀. Bí èrò bá ké pé “Ó wà o!”, ọkọ̀ yóò dúró, ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ yóò sì wọ́ lọ sẹ́yìn. Bí táyà bá já sí kòtò, gbogbo ara ọkọ̀ yóò gbọ̀n. Bí ọkọ̀ mìíràn bá sì gbá dánfó náà, a fẹ́ kí àwọ̀ pupa kọ mànà kí ẹni tí ó ń ṣeré lè mọ̀ pé ọkọ̀ òun ti fara pa.

Ẹ̀rọ ìṣeré tí a yàn fún àlàyé yìí ni Godot, nítorí pé ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tí agbára rẹ̀ kò pọ̀. Láti 2014 ni àwọn tí ó ṣe é ti ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Orúkọ tí ó pe ìlà ìrìn ni `Curve`. Àwọn ẹ̀rọ ìṣeré mìíràn ní tiwọn, ṣùgbọ́n ọgbọ́n tí ó wà nídìí rẹ̀ kò yàtọ̀.

2.0 Ìrísí, Àkókò àti Agbára

Kí a tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ, ó yẹ kí a mọ ohun tí ìlà ìrìn jẹ́. Bí a bá ní kí ìlẹ̀kùn dánfó wọ́ láti ibi tí ó wà dé ibi tí ó ń lọ, ohun mẹ́ta ni a ní láti sọ fún kọ̀ǹpútà. A ní láti sọ bí ọ̀nà tí yóò rìn ti jìn tó. A ní láti sọ bí àkókò tí yóò fi rìn ín ti pẹ́ tó. A sì tún ní láti sọ irú ìrìn tí yóò rìn: ṣé yóò máa rìn déédéé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ni, àbí yóò fi agbára bẹ̀rẹ̀ kí ó tó rọra dúró? Ohun kẹta yìí nìkan ni ìlà ìrìn ń sọ. A pè é ní ìrísí. Ohun àkọ́kọ́ ni a pè ní agbára, a sì pe èkejì ní àkókò.

Ẹ jẹ́ kí a wo aránṣọ tí ó gé bébà kan sílẹ̀ fún ọrùn bùbá. Bí ó bá fẹ́ rán bùbá fún ọmọdé, yóò dín ìwọ̀n bébà náà kù. Bí ó bá fẹ́ rán an fún àgbàlagbà, yóò fẹ̀ ẹ́. Ìwọ̀n ni ó yí padà, ìrísí ọrùn náà kò yí padà, ẹni tí ó bá sì rí aṣọ méjèèjì yóò mọ̀ pé ọwọ́ aránṣọ kan náà ni wọ́n ti wá. Báyìí gan-an ni ìlà ìrìn ṣe rí. A máa ń yà á láàárín òdo àti ení ní ìbú, àti láàárín òdo àti ení ní ìró. Ìbú rẹ̀ dúró fún àkókò tí a ti pín sí ìdá, kì í ṣe ìṣẹ́jú àáyá. Ìró rẹ̀ dúró fún bí iṣẹ́ náà ti parí tó, kì í ṣe bí ibi tí ó ń lọ ti jìn tó. Ẹni tí ó bá fẹ́ lò ó ni yóò mú àkókò àti agbára tirẹ̀ wá.

Ìdí tí a fi tẹnu mọ́ ìyàtọ̀ yìí ni pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ olùkọ-ètò ti ń ṣìnà. Bí ẹnì kan bá ya ìlà fún ìlẹ̀kùn tí ìró rẹ̀ ga dé 120, nítorí pé ìlẹ̀kùn náà yóò rin ìwọ̀n 120, ìlà náà ti di ti ìlẹ̀kùn nìkan. Kò sí bí àwọ̀ pupa, tí ìwọ̀n rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá ení, yóò ṣe rí i lò. Ìlà tí a kò bá pa mọ́ sáàárín òdo àti ení kò ṣeé yá fún ẹlòmíràn.

3.0 Ṣíṣe Fáìlì Ìlà Náà

Nínú Godot, a ó tẹ bọ́tìnnì ọ̀tún èkúté kọ̀ǹpútà lórí àpò fáìlì tí a fẹ́, a ó yan `Create New`, lẹ́yìn náà `Resource`, a ó sì mú `Curve`. A ó fi orúkọ `irin.tres` pa á mọ́. Fáìlì yìí dá dúró fúnra rẹ̀. Kò sí lábẹ́ ìlẹ̀kùn, kò sì sí lábẹ́ kámẹ́rà.

Ojúàmì méjì péré ni a ó fi sí orí ìlà náà. Àkọ́kọ́ wà ní (0, 0), èkejì wà ní (1, 1). Ohun tí ó kù ni ìdagẹ̀rẹ̀ ìlà náà ní ojúàmì kọ̀ọ̀kan, èyí tí ó ń sọ bí ìlà náà ti ga sí bí ó bá ń kúrò níbẹ̀ tàbí tí ó ń dé ibẹ̀. A ó fi 3 sí ìdagẹ̀rẹ̀ ọwọ́ ọ̀tún ojúàmì àkọ́kọ́, a ó sì fi 0 sí ìdagẹ̀rẹ̀ ọwọ́ òsì ojúàmì kejì. Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé ìlà náà yóò gbéra pẹ̀lú eré tí ó jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta ti ìrìn déédéé, yóò sì tẹ́ pẹrẹsẹ nígbà tí ó bá dé òpin. Ìṣirò tí ó bá ìlà yìí mu gẹ́lẹ́ ni:

```
f(t) = 1 - (1 - t)^3
```

Bí a bá ṣírò rẹ̀, a ó rí i pé ní ìdá mẹ́rin àkókò, ìyẹn 0.25, ìlà náà ti dé 0.58. Ní ìdajì àkókò, ó ti dé 0.875. Ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ó ti dé 0.98. Ní òpin, ó dé 1. Nǹkan bí ìdá mẹ́jọ iṣẹ́ náà ni ó ṣẹ́kù fún ìdajì àkókò tí ó kẹ́yìn. Ìrìn ohun tí ó wúwo nìyí: ọwọ́ kọ̀ndọ́ tì í lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ń yọ́ lọ títí ó fi dúró.

Lẹ́yìn èyí, a ó kọ ètò kékeré kan tí gbogbo ẹ̀ka eré náà yóò máa gbà dé ibi tí ìlà náà wà. A ó fi orúkọ rẹ̀ sí `Autoload` nínú `Project Settings` gẹ́gẹ́ bí `Irin`, kí ó lè wà ní àrọ́wọ́tó níbi gbogbo.

```gdscript
extends Node

const ILA: Curve = preload("res://irin.tres")

func iwon(aago: float, gigun: float) -> float:
    return ILA.sample(clampf(aago / gigun, 0.0, 1.0))
```

Iṣẹ́ tí ó ń ṣe kò pọ̀. `aago` ni iye ìṣẹ́jú àáyá tí ó ti kọjá láti ìgbà tí nǹkan náà ti bẹ̀rẹ̀. `gigun` ni iye ìṣẹ́jú àáyá tí a fẹ́ kí ó gbà lápapọ̀. Ó pín ọ̀kan sí èkejì, `clampf` kò jẹ́ kí èsì náà kọjá ení, ó sì bi ìlà náà léèrè pé mélòó ni ó wà níbẹ̀.

4.0 Kíkà Mẹ́ta

4.1 Ìlẹ̀kùn

A fẹ́ kí ìlẹ̀kùn dánfó wọ́ lọ ní ìwọ̀n 120 píkísẹ́lì láàárín 0.8 ìṣẹ́jú àáyá. A ó kọ ọ́ báyìí:

```gdscript
ilekun.position.x = 120.0 * Irin.iwon(aago_ilekun, 0.8)
```

Ní 0.2 ìṣẹ́jú àáyá, ìlẹ̀kùn náà ti rin 69. Ní 0.4, ó ti rin 105. Ní 0.6, ó ti rin 118, ó sì dé 120 ní òpin, ó dúró síbẹ̀. A ó kíyèsí i pé ìlẹ̀kùn ń ka ìlà náà bí ó ti rí, láti òdo lọ sí ení, nítorí pé ohun tí a ṣí gbọ́dọ̀ wà ní ṣíṣí nígbà tí àkókò bá parí.

4.2 Ìkọmànà pupa

Ọ̀rọ̀ yàtọ̀ níbi àwọ̀ pupa. Ohun tí ó kọ mànà máa ń le jù ní ìbẹ̀rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ ti kúrò pátápátá nígbà tí àkókò bá parí. Nítorí náà kì í ṣe ohun tí ìlà náà ti parí ni a nílò, bí kò ṣe ohun tí ó ṣẹ́kù. A ó yọ ìwọ̀n ìlà náà kúrò nínú ení:

```gdscript
pupa.color.a = 0.5 * (1.0 - Irin.iwon(aago_pupa, 0.2))
```

`pupa` níhìn-ín ni aṣọ pupa kan tí a ta bo gbogbo ojú ìwòran, `color.a` sì ni bí ó ti ki tó. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 0.5, kí ẹni tí ó ń ṣeré má baà pàdánù ọ̀nà tí ó wà níwájú rẹ̀. Lẹ́yìn ìdajì àkókò, ìyẹn 0.1 ìṣẹ́jú àáyá, ìdá mẹ́jọ rẹ̀ péré ni ó kù.

4.3 Ìmìtìtì

Ojú ìwòran tí ó ń mì ń ka ìlà náà ní òdì bákan náà, ṣùgbọ́n ó ní ohun kan tí àwọn méjì ìṣáájú kò ní. Ìlà náà kò lè sọ ibi tí kámẹ́rà yóò yà sí. Bí ìmìtìtì náà ti pọ̀ tó nìkan ni ó lè sọ. Ohun tí yóò máa gbé kámẹ́rà síhìn-ín sọ́hùn-ún ni ohun èlò mìíràn tí Godot pè ní `FastNoiseLite`, tí ó máa ń fún wa ní iye tí kò ṣeé sọ tẹ́lẹ̀ láàárín −1 àti 1, ṣùgbọ́n tí ó ń yí padà ní ìtẹ̀léra láìfò.

```gdscript
var agbara = 12.0 * (1.0 - Irin.iwon(aago_mi, 0.4))
kamera.offset.x = agbara * ariwo.get_noise_1d(aago_ere * 2000.0)
```

Agbára náà bẹ̀rẹ̀ ní 12 píkísẹ́lì, ó di 5 ní 0.1 ìṣẹ́jú àáyá, ó di 1.5 ní 0.2, ó sì tán ní 0.4. A mọ̀ọ́mọ̀ fi `aago_ere`, ìyẹn aago tí ó ti ń lọ láti ìgbà tí eré ti bẹ̀rẹ̀, bi `ariwo` léèrè. Bí a bá lo `aago_mi` tí ó ń padà sí òdo nígbà gbogbo, kòtò tí ó wà ní Ọ̀jọ́ àti èyí tí ó wà ní Ìyànà Ìbà yóò mi ọkọ̀ ní ọ̀nà kan náà gẹ́lẹ́, ojú ẹni tí ó ń ṣeré yóò sì tètè mọ̀ ọ́n.

Gbogbo aago wọ̀nyí ni a gbọ́dọ̀ máa fi `delta`, ìyẹn àkókò tí ó kọjá láàárín àwòrán kan àti èkejì, kún nínú `_process`. Ẹni tí ó bá ka iye àwòrán dípò àkókò yóò rí i pé ìmìtìtì tí ó gba àwòrán 24, tí ó sì jẹ́ 0.4 ìṣẹ́jú àáyá lórí ẹ̀rọ tí ó ń ya 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, yóò di 0.8 lórí kọ̀ǹpútà tí kò lè yà ju 30 lọ.

Ohun tí a rí gbà nínú gbogbo èyí ni pé àkókò mẹ́ta wà, agbára mẹ́ta wà, ṣùgbọ́n ìrísí kan ṣoṣo ni. Gbogbo wọn fi agbára gbéra, gbogbo wọn sì rọra tán. Ẹni tí ó ń ṣeré lè má rí ìlà náà láéláé, ṣùgbọ́n yóò mọ̀ ọ́n lára pé ọkọ̀ kan náà ni ó ní ìlẹ̀kùn, tí ó já sí kòtò, tí a sì gbá. Bí a bá sì rí i lọ́la pé gbogbo rẹ̀ yára jù ní ìbẹ̀rẹ̀, a ó dín ìdagẹ̀rẹ̀ 3 kù sí 2 nínú fáìlì kan, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò sì tẹ̀ lé e.

5.0 Àwọn Àṣìṣe àti Bí a Ṣe Ń Dá Wọn Mọ̀

Àṣìṣe àkọ́kọ́ ni kíkà á ní òdì níbi tí kò yẹ, tàbí ṣíṣàì kà á ní òdì níbi tí ó yẹ. Bí a bá gbàgbé láti yọ ìwọ̀n ìlà kúrò nínú ení fún àwọ̀ pupa, ojú ìwòran yóò máa pọ́n sí i lẹ́yìn tí wọ́n ti gbá ọkọ̀ tán, yóò sì pọ́n dúró láìkúrò. Àmì rẹ̀ hàn gbangba, kò sì ṣòro láti tún ṣe.

Èkejì fara sin díẹ̀. Bí a bá jẹ́ kí `aago_pupa` àti `aago_mi` bẹ̀rẹ̀ ní òdo nígbà tí eré ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí, ojú ìwòran yóò pọ́n, yóò sì mì kí dánfó tó kúrò ní Máìlì 2 rárá. Ìdí rẹ̀ ni pé òdo lórí aago wọn ni ìgbà tí ìpalára ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí a fi aago méjèèjì sí 10.0 ní ìbẹ̀rẹ̀, bí ẹni pé ìpalára náà ti kọjá tipẹ́tipẹ́.

Ẹ̀kẹta ni ti ìlẹ̀kùn tí a dá dúró lágbede méjì. Ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ Ìyànà Ìbà mọ̀ pé awakọ̀ kì í dúró kí ìlẹ̀kùn ṣí tán kí ó tó tún gbéra. Ẹ jẹ́ kí a gbà pé ìlẹ̀kùn ti rin 69 nígbà tí a pàṣẹ pé kí ó padé. Bí a bá kọ ìpadé náà gẹ́gẹ́ bí 120 lọ́nà ìwọ̀n tí ó ṣẹ́kù, ìwọ̀n tí ó ṣẹ́kù ní ìbẹ̀rẹ̀ ni ení, nítorí náà ìlẹ̀kùn yóò fò láti 69 lọ sí 120 kí ó tó máa padà bọ̀. Ìfò yìí ni àmì àṣìṣe náà. Ohun tí ó tọ́ ni kí a rántí ibi tí ìlẹ̀kùn wà nígbà tí àṣẹ tuntun dé, kí a sì fi ìlà náà rìn láti ibẹ̀ lọ sí ibi tí ó ń lọ:

```gdscript
ilekun.position.x = lerpf(ibere, opin, Irin.iwon(aago_ilekun, 0.8))
```

Bí `ibere` bá jẹ́ 69, tí `opin` jẹ́ 0, tí aago sì padà sí òdo, ìlẹ̀kùn yóò wà ní 69 ní ìbẹ̀rẹ̀, yóò wà ní nǹkan bí 29 lẹ́yìn 0.2 ìṣẹ́jú àáyá, yóò sì padé láìfò. Ìlà kan náà ni ó ṣí i, òun náà ni ó tì í.

Ẹ̀kẹrin ni àṣìṣe tí ó lè ba gbogbo ìlànà yìí jẹ́ láìsí ariwo. Àwọn kan kì í gba inú `Irin` dé ibi ìlà. Wọ́n a máa so fáìlì náà mọ́ ohun kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọwọ́. Nínú àkójọ àṣẹ ibẹ̀ ni `Make Unique` wà. Ẹni tí ó bá tẹ̀ ẹ́ ti ṣe ẹ̀dà ìlà náà fún ohun kan ṣoṣo. Láti ìgbà náà lọ, bí a bá tún `irin.tres` ṣe, méjì nínú mẹ́ta yóò tẹ̀ lé e, ẹ̀kẹta kò ní gbọ́. A lè dá a mọ̀ nípa wíwo ipa fáìlì náà lábẹ́ `Resource`. Bí ó bá jẹ́ `res://irin.tres`, ó ṣì wà lára àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí a bá rí orúkọ ìran kan tí àmì `::` tẹ̀ lé, tàbí tí a kò rí nǹkan kan níbẹ̀, ó ti yapa.

6.0 Ewu tí ó Wà nínú Ìkọmànà

Títí di ìsinsìnyí, ọ̀rọ̀ ẹwà àti ìṣọ̀kan ni a ti ń sọ. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tí ó kan ìlera ẹni tí ó ń ṣeré. Àwọn ènìyàn kan wà tí ìmọ́lẹ̀ tí ó ń kọ mànà léraléra máa ń mú kí gìrì gbé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í mọ̀ títí di ọjọ́ tí ó bá ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá, 1997, ní orílẹ̀-èdè Japan, wọ́n fi eré àwòrán Pokémon kan hàn lórí tẹlifíṣọ̀n, níbi tí àwọ̀ pupa àti búlúù ti ń gba ara wọn ní nǹkan bí ìgbà 12 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Àwọn tí wọ́n gbé lọ sí ilé ìwòsàn lálẹ́ ọjọ́ náà lé ní 600, ọmọdé ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn.

Ìlànà WCAG, tí àjọ W3C kọ fún ojú ewé orí íńtánẹ́ẹ̀tì, sọ pé kí ohunkóhun má ṣe kọ mànà ju ìgbà mẹ́ta lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, àyàfi bí ó bá kéré púpọ̀ tàbí tí kò le. Ó sì ya àwọ̀ pupa tí ó ki sọ́tọ̀ fún ìṣọ́ra. Eré wa kì í ṣe ojú ewé íńtánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ojú ènìyàn kan náà ni ó ń wò ó.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo eré dánfó wa. Ìkọmànà rẹ̀ kan ń gba 0.2 ìṣẹ́jú àáyá. Bí dánfó bá há sáàárín ọkọ̀ méjì nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ní Òkókómáíkò, tí wọ́n sì ń gbá a léraléra, ìpalára lè dé ní gbogbo 0.2 ìṣẹ́jú àáyá. Ìyẹn jẹ́ ìgbà márùn-ún ní ìṣẹ́jú àáyá kan, lórí gbogbo ojú ìwòran, pẹ̀lú àwọ̀ pupa. Kò sí ohun tí ó burú nínú ìlà náà. Ìgbà tí a ń pè é ni ó burú. Nítorí náà a gbọ́dọ̀ fi odi kan sí ẹnu ọ̀nà:

```gdscript
func palara():
    aago_mi = 0.0
    if aago_pupa >= 0.35:
        aago_pupa = 0.0
```

Ìpalára kọ̀ọ̀kan ṣì ń mi ojú ìwòran, ó sì ṣì ń dín ìlera ọkọ̀ kù, ṣùgbọ́n àwọ̀ pupa kò ní kọ mànà tuntun àfi bí 0.35 ìṣẹ́jú àáyá bá ti kọjá. Bí èkíní bá wáyé ní 0, èkejì kò lè ṣáájú 0.35, ẹ̀kẹta kò lè ṣáájú 0.70, ẹ̀kẹrin yóò sì ti kọjá ìṣẹ́jú àáyá kan, ní 1.05.

Ìmìtìtì pẹ̀lú ní àwọn tí kò bá lára mu. Òòyì máa ń kọ́ wọn. Ó yẹ kí a fún ẹni tí ó ń ṣeré ní àǹfààní láti dín in kù tàbí kí ó pa á pátápátá. Ibi tí a ó ti ṣe èyí ni agbára: iye 12.0 àti 0.5 ni a ó sọ di púpọ̀ pẹ̀lú iye tí ó yàn láàárín òdo àti ení. A kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìlà náà nítorí èyí, nítorí pé bí a bá tẹ́ ìlà náà, ìlẹ̀kùn pẹ̀lú kò ní ṣí tán mọ́.

7.0 Ibi tí Ìlà Kan Kò Tó

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ìgbà kan ń bọ̀ tí ìlà kan kò ní tó mọ́, ó sì yẹ kí a mọ̀ ọ́n nígbà tí ó bá dé. Ẹ jẹ́ kí a gbà pé ẹni tí ó ń ya dánfó náà fẹ́ kí ìlẹ̀kùn kọjá ibi tí ó yẹ kí ó dúró, kí ó sì ta padà díẹ̀, bí ìlẹ̀kùn àtijọ́ tí ojú irin rẹ̀ ti jẹ. Ó gbé `Max Value` sókè, ó sì fi ojúàmì kẹta sáàárín ìlà náà ní gíga 1.1. Ìlẹ̀kùn náà yóò lọ dé 132, yóò sì padà sí 120. Ohun tí ó fẹ́ gan-an nìyí.

Ṣùgbọ́n àwọn méjì yòókù ti gbọ́ àṣẹ náà pẹ̀lú. Níbi tí ìlà ti dé 1.1, ohun tí ó ṣẹ́kù ti di −0.1. Àwọ̀ pupa yóò ti pòórá kí àkókò rẹ̀ tó tán, ìyẹn kò sì lè dun ẹnikẹ́ni. Ti kámẹ́rà ni ó burú: agbára rẹ̀ yóò dé òdo, yóò tún di −1.2, ojú ìwòran tí a rò pé ó ti dákẹ́ yóò sì tún gbọ̀n díẹ̀ kí ó tó dúró. Ẹni tí kò bá mọ̀ pé ìlẹ̀kùn ni wọ́n tún ṣe lè fi odidi ọjọ́ kan wá ìdí rẹ̀ nínú ètò kámẹ́rà.

A lè fi `clampf` dí òdì náà, kí ohun tí ó ṣẹ́kù má ṣe lọ sísàlẹ̀ òdo. Ṣùgbọ́n èrò tiwa ni pé àmì ni èyí jẹ́ pé ìlẹ̀kùn ti ní ìwà tí kò bá ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mu mọ́. Kí a ṣe fáìlì kejì, `ilekun_tita.tres`, kí a sì jẹ́ kí ìlẹ̀kùn lọ máa lò ó. Ìbéèrè kan ni a lè fi yanjú rẹ̀ nígbà gbogbo: bí mo bá yí ìlà yìí padà nítorí ọ̀kan, ṣé inú mi yóò dùn pé àwọn yòókù yí padà pẹ̀lú rẹ̀? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kí wọ́n jọ máa lo ìlà kan. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, kí a yà wọ́n.

8.0 Àgbálọgbábọ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn nínú bébà yìí pé ìrísí nìkan ni ìlà ìrìn ní. Ẹni tí ó ń lò ó ni ó ni àkókò àti agbára. A rí i pé ìlẹ̀kùn ń ka ohun tí ó ti parí, nígbà tí ìkọmànà pupa àti ìmìtìtì ń ka ohun tí ó ṣẹ́kù. A rí i pé ọ̀pọ̀ àṣìṣe tí ó ń wáyé kò ti inú ìlà náà wá, bí kò ṣe láti inú aago tí a bẹ̀rẹ̀ ní ibi tí kò yẹ, ibi ìgbéra tí a gbàgbé, tàbí ẹ̀dà tí a ṣe láìmọ̀. A sì rí i pé iye ìgbà tí a ń pe ìkọmànà pupa ṣe pàtàkì ju ìrísí rẹ̀ lọ, nítorí pé ibẹ̀ ni ewu wà fún ojú tí ó ń wò ó.

Ẹni tí ó bá fẹ́ dán èyí wò lè bẹ̀rẹ̀ láti orí ìlẹ̀kùn nìkan. Kí ó ṣí i, kí ó tì í lágbede méjì, kí ó wò ó bóyá ó fò. Nígbà tí kò bá fò mọ́, kí ó wá so àwọn méjì yòókù mọ́ ìlà náà.